Gbígbé ohun kan sípò mìíràn nínú fọ́tò: ìfiwéra ọ̀nà mẹ́ta àti bí a ṣe lè yan èyí tó yẹ

Bí a bá gbé aga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú yàrá, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò hàn, nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú fọ́tò, kò sí ògiri kankan lẹ́yìn aga náà. Ohun tí kámẹ́rà kò rí kò sí nínú fáìlì, bí a bá sì gbé aga náà kúrò, ihò òfìfo ni yóò kù sí ojú àwòrán. Ìdí nìyí tí gbígbé nǹkan sípò mìíràn nínú fọ́tò fi jẹ́ iṣẹ́ méjì tí a so pọ̀: a ní láti tún ojú ibi tí ó ti kúrò kọ́, a sì ní láti mú un dúró sí ibi tuntun lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀, òjìji, ìwọ̀n àti etí rẹ̀ yóò fi bá ibẹ̀ mu.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níhìn-ín. Èkíní ni irinṣẹ́ Content-Aware Move inú Photoshop, tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì wà nínú Photoshop kan náà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ a ó gé ohun náà sórí ìpele tirẹ̀, ìyẹn bí ìwé tó mọ́ gaara tí a tẹ́ lé orí fọ́tò, a ó fi Content-Aware Fill dí ihò náà, a ó sì fi ọwọ́ ara wa parí èyí tó kù. Ẹ̀kẹta ni ètò ọ̀fẹ́ GIMP pẹ̀lú àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Resynthesizer. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ohun tí wọ́n fẹ́ gbé kí wọ́n tó yan ọ̀nà. Wọ́n ń béèrè bóyá ènìyàn ni tàbí ọkọ̀, bóyá ó tóbi tàbí ó kéré. Lójú tèmi, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni a máa tún kọ́.

Kí ìfiwéra náà lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí ètò ṣe ń dí ihò. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Princeton àti ilé iṣẹ́ Adobe gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tí wọ́n pè ní PatchMatch, ní ọdún tó tẹ̀lé e sì ni Content-Aware Fill wọ inú Photoshop CS5. Ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń wo etí ihò náà yí ká, ó ń wá àwọn ègé kéékèèké tó jọ etí wọ̀nyí ní ibòmíràn nínú fọ́tò kan náà, ó sì ń tò wọ́n sínú ihò títí wọn yóò fi bá ara wọn mu. Kò mọ̀ pé fèrèsé ni fèrèsé, kò sì mọ̀ pé ìlà tó wọ inú ihò láti apá òsì gbọ́dọ̀ jáde ní tààrà ní apá ọ̀tún. Àwọ̀ àti ìrísí ojú nǹkan nìkan ló ń wò. Nítorí náà, ó ń ṣe dáadáa níbi tí ègé kan ti jọ òmíràn, bíi koríko, iyanrìn, omi tàbí àwọsánmà, ó sì máa ń kùnà níbi tí ohun tó yẹ kó wà nínú ihò ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, irú èyí tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn nínú fọ́tò.

Ọ̀nà kìíní: Content-Aware Move

Irinṣẹ́ yìí dé pẹ̀lú Photoshop CS6 ní ọdún 2012. Inú àpótí kan náà pẹ̀lú Spot Healing Brush àti Patch ló wà. Lẹ́tà J ni a fi ń pè wọ́n, a sì ń tẹ Shift mọ́ J láti bọ́ láti orí ọ̀kan sórí èkejì. A ó fi máòsì fa ìlà yí ohun náà ká, a ó fà á lọ sí ibi tí a fẹ́, a ó sì tẹ Enter. Ètò náà yóò dí ihò tó ṣẹ́ kù, yóò sì po etí ohun náà mọ́ ibi tó bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi fọ́tò ọkọ̀ apẹja kan lórí ọ̀sà ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ọkọ̀ náà ti wà ní àárín gbùngbùn, tí a sì fẹ́ kó sún sí apá ọ̀tún kí àyè lè ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Omi ló yí i ká ní gbogbo ọ̀nà. Irú iṣẹ́ yìí ni irinṣẹ́ náà mọ̀ jù lọ. Kí a má ṣe fa ìlà náà mọ́ ara ọkọ̀ tímọ́tímọ́. Kí a fi omi díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, nítorí pé inú omi tí a fi sílẹ̀ yẹn ni ètò náà yóò ti rí àyè po ibi tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Kí a sì rí i pé òjìji ọkọ̀ náà nínú omi wà nínú ìlà, nítorí bí a bá gbé ọkọ̀ tí a sì fi òjìji rẹ̀ sílẹ̀, ètò náà lè ka òjìji yẹn sí omi, kó sì fi ègé rẹ̀ dúdú dúdú dí ihò. Ẹ̀gbẹ́ ni kí a gbé e sí, kì í ṣe òkè. Ìgbì omi tó jìnnà máa ń kéré lójú kámẹ́rà ju èyí tó súnmọ́ lọ, bí ọkọ̀ bá sì gòkè pẹ̀lú ìgbì ńláńlá ti ìsàlẹ̀ lára rẹ̀, ojú yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, kódà bí ẹni tó ń wò ó kò bá lè sọ ohun tó jẹ́.

Lókè ojú ètò náà ni a ó ti rí àwọn ohun tí a lè yí padà. Mode gbọ́dọ̀ wà lórí Move, nítorí pé Extend kì í gbé nǹkan kúrò, ńṣe ló ń fà á gùn. Structure ń lọ láti 1 dé 7: bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni ètò náà yóò ṣe tẹ̀ lé ìrísí tó bá nílẹ̀ ní tímọ́tímọ́, bí ó bá sì kéré, yóò máa yí i padà fàlàlà. Color ń lọ láti 0 dé 10, òun ló sì ń pinnu bí a ó ṣe po àwọ̀ méjèèjì tó. Ní 0, kò ní pò ó rárá. Lórí omi, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín Structure, mo sì máa ń dín Color kù bí ara ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọ̀ omi. Bí Transform On Drop bá wà ní títàn, a ó láǹfààní láti dín ohun náà kù tàbí láti fi kún un kí a tó tẹ Enter. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí a ṣí ìpele òfìfo sókè, kí a tan Sample All Layers, kí a sì ṣe iṣẹ́ náà sórí ìpele yẹn, kí fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ lè wà bí ó ṣe wà.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ó yá. Àléébù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjèèjì wà nínú àṣẹ kan ṣoṣo. Bí ihò bá dí dáadáa ṣùgbọ́n tí etí ọkọ̀ bàjẹ́, a kò lè tún ọ̀kan ṣe láìfọwọ́ kan èkejì. Bí a bá yí Structure padà nítorí etí, ihò náà yóò tún yí padà. Lórí omi, èyí kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ní iwájú ilé tí a fi bíríkì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ìṣòro gidi ni.

Ọ̀nà kejì: kí a ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn ẹbí ń gbé wá fún àtúnṣe kì í ṣe fọ́tò ojú omi. Fọ́tò iwájú ilé ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ká sọ pé fọ́tò kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 6000, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 4000. Ilé tuntun ni wọ́n fẹ́ fi hàn, nítorí náà wọ́n fẹ́ kí odindi ilé náà wà nínú férémù. Bàbá dúró ní ìsúnmọ́ àárín. Ìyá dúró ní apá ọ̀tún, ó jìnnà sí i ju bí ó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ sì bo ìdajì fèrèsé lúfà kan. Ilẹ̀ jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì. Oòrùn wá láti apá òsì, òjìji gbogbo wọn sì ṣubú sí apá ọ̀tún. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí a sún ìyá mọ́ bàbá.

(Bí ó bá ṣe pé wọ́n fẹ́ gé etí ọ̀tún fọ́tò náà dànù ni, ihò náà yóò bá a lọ, kò sì ní sí ohun tí a ó tún kọ́. Ó dára kí a béèrè bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́ jáde kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.)

Bí a bá lo irinṣẹ́ ti ọ̀nà kìíní lórí fọ́tò yìí, ibi mẹ́ta ni àṣìṣe rẹ̀ yóò ti hàn. Àwọn ìlà tó wà láàárín bíríkì ilẹ̀ yóò wọ́ níbi tí ihò wà, nítorí pé ètò náà yóò máa mú bíríkì ńlá láti iwájú pọ̀ mọ́ kékeré láti ẹ̀yìn. Àwọn gíláàsì lúfà kò ní pàdé ara wọn; ọ̀kan lè parí sínú ògiri. Etí ìró ìyá, níbi tí aṣọ ti pàdé ilẹ̀, yóò sì rí bàìbàì, nítorí pé bíríkì tó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká tẹ́lẹ̀ kò bá bíríkì ibi tuntun mu, ètò náà yóò sì gbìyànjú láti po méjèèjì. Kò sí nọ́ńbà Structure kankan tó lè tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pa pọ̀.

Nítorí náà, a ó ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. A kọ́kọ́ pinnu ibi tí ìyá yóò dúró sí, ohun méjì ló sì ń pinnu rẹ̀. Èkíní ni ìwọ̀n. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bí ènìyàn ṣe tóbi tó lójú kámẹ́rà ń tẹ̀ lé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà ojú ọ̀run, èyí tí a lè rí bí a bá tẹ̀ lé àwọn ìlà íńtálọ́ọ̀kì tó ń lọ sẹ́yìn títí wọn yóò fi pàdé. Bí ẹsẹ̀ ìyá bá wà ní píksẹ́lì 1200 sísàlẹ̀ ìlà yẹn, tí ti bàbá sì wà ní 1500, a jẹ́ pé ìyá dúró sẹ́yìn bàbá díẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó dúró ní ọgbọọgba pẹ̀lú rẹ̀, a ní láti pín 1500 sí ọ̀nà 1200, kí a sì sọ ọ́ di ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún. Fífi kún un báyìí yóò jẹ́ kí ojú rẹ̀ má mọ́ kedere tó ti bàbá mọ́, àwọn tó bá ń wo fọ́tò ẹbí sì máa ń wo ojú ṣáájú ohun gbogbo. Mo fara mọ́ ọn kí ó wà ní ìjìnnà rẹ̀, kí a kàn sún un sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní 1200. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ní yí padà, píksẹ́lì rẹ̀ kan kò sì ní bàjẹ́.

Èkejì ni òjìji. Níwọ̀n bí oòrùn ti wá láti òsì, òjìji bàbá ń ṣubú sí apá tí ìyá ń bọ̀. Bí a bá sún un ní píksẹ́lì 900, etí ìró rẹ̀ yóò wọ inú òjìji bàbá, bẹ́ẹ̀ sì ni oòrùn ń tàn yòò lórí ìró kan náà nínú fọ́tò. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni pé a ó ní láti ya òjìji sórí aṣọ tó ní ìṣẹ́po, iṣẹ́ ńlá sì ni. Bí a bá dá a dúró ní 750, òjìji náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀, a sì ti yẹra fún wàhálà.

Nígbà tí ibi ìdúró ti dájú, a ó fi Object Selection mú ìyá nìkan, láìsí òjìji rẹ̀. A ó wọ inú Select and Mask láti tún etí gèlè àti ìka ọwọ́ ṣe, a ó sì tẹ Ctrl mọ́ J kí ó bọ́ sórí ìpele tirẹ̀. Òjìji àtijọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí a gbé pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá gé òjìji jáde láti ilẹ̀ bíríkì, bíríkì yóò bá a wá, ìlà rẹ̀ kò sì ní bá ti ibi tuntun mu. Ohun tó tọ́ ni kí a ṣe òjìji tuntun, mo sì máa padà sórí èyí.

Ihò náà ló kàn. Lórí ẹ̀dà fọ́tò tó wà nísàlẹ̀, a ó mú àyè tí ìyá àti òjìji rẹ̀ gbà, a ó fi Select > Modify > Expand fẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bíi píksẹ́lì 12. Fífẹ̀ yìí ṣe kókó: etí ènìyàn nínú fọ́tò kì í gé ní ṣáńṣán, àwọ̀ ìró máa ń wọ inú píksẹ́lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí a bá sì fi ìlà tóóró aláwọ̀ ìró yẹn sílẹ̀, ètò náà yóò rò pé ara ògiri ni, yóò sì máa ya àwọ̀ ìró sínú ihò. Ọ̀pọ̀ ihò tí ènìyàn ń ṣàròyé pé kò dí dáadáa, ibí ni àìsàn rẹ̀ ti wá.

A ó wá pín ihò náà sí mẹ́ta: ilẹ̀, ògiri àti fèrèsé. Ògiri ló rọrùn jù. A ó ṣí Edit > Content-Aware Fill, ibi tí àwọ̀ ewé máa ń fi hàn wá ibi tí ètò náà yóò ti mú ègé. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ pa àwọ̀ ewé rẹ́ kúrò lórí ilẹ̀, lórí fèrèsé àti lára bàbá, kí ògiri nìkan kù. Bí a kò bá ṣe èyí, apá kan nínú agbádá bàbá lè yọjú sórí ògiri. Color Adaptation ni a ó fi sórí Default, Rotation Adaptation sórí None, nítorí pé ògiri kì í yí po. Output To yóò jẹ́ New Layer.

Fún ilẹ̀, bí kámẹ́rà bá kọjú sí ilé náà ní tààrà, bíríkì tó wà ní ọ̀wọ́ kan náà láti òsì sí ọ̀tún jìnnà bákan náà sí kámẹ́rà, nítorí náà ìwọ̀n wọn dọ́gba. Bíríkì tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn kò dọ́gba pẹ̀lú wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni a ó ti máa mú, kì í ṣe òkè tàbí ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ràn Clone Stamp fún èyí ju Content-Aware Fill lọ. A ó di Alt mú, a ó tẹ igun kan gan-an níbi tí ìlà bíríkì méjì ti pàdé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti igun tó bá a dọ́gba nínú ọ̀wọ́ kan náà, ní etí ihò. Bí igun kìíní bá ti bọ́ sójú igun rẹ̀, gbogbo ọ̀wọ́ náà yóò tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ìlà tó ń lọ sẹ́yìn yóò ṣe ségesège díẹ̀, nítorí pé ìdagun wọn ń yí padà bí a ti ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà ibi tó súnmọ́ ihò ni kí a ti máa mú bíríkì, kí a má ṣe lọ mú un láti òdì kejì àgbàlá. Bí kámẹ́rà bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé, Filter > Vanishing Point ló yẹ kí a lò, èyí tó ń jẹ́ kí a fi igun mẹ́rin ya ojú ilẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ.

Fèrèsé ni ẹyọ kan ṣoṣo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a má ṣe jẹ́ kí ètò náà méfò rẹ̀. Ìyá bo ìdajì rẹ̀, ìdajì kejì sì hàn. Bí fèrèsé mìíràn tó jọ ọ́ bá wà lára ilé náà, a ó dà á kọ odindi, a ó sì lo Edit > Free Transform láti mú un bá ìwọ̀n mu. Bí kò bá sí, a ó mú ìdajì tó hàn, a ó lo Edit > Transform > Flip Horizontal láti yí ojú rẹ̀ padà, a ó sì so ó mọ́ ara rẹ̀. Ìgbà náà ni kí a wo òjìji tó wà nínú férémù fèrèsé: bí oòrùn bá wá láti òsì, igi férémù tó wà ní òsì ló ń ju òjìji sínú. Ìdajì tí a yí padà yóò gbé òjìji yẹn sí ọ̀tún, a sì ní láti fi ọwọ́ pa á rẹ́.

Òjìji tuntun ìyá ló gbẹ̀yìn. A ó ṣí ìpele kan sábẹ́ ìpele rẹ̀, a ó yí ipò ìpele náà sí Multiply, èyí tó ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ di ṣíṣókùnkùn láì bò ó mọ́lẹ̀, a ó sì fi àwọ̀ dúdú tó dà bíi búlúù díẹ̀ kùn ún ní ìrísí òjìji. Apá ibi tí òjìji bàbá wà ni kí ó dà sí, kí ó sì gùn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kí etí rẹ̀ mọ́ kedere lẹ́bàá ẹsẹ̀, kí ó sì máa rọ̀ bí ó ti ń jìnnà sí i, bí òjìji oòrùn gidi ṣe máa ń rí. A ó máa dín Opacity kù títí tí bíríkì inú òjìji rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn bákan náà pẹ̀lú bíríkì inú òjìji bàbá. Kí a fi Eyedropper wọn méjèèjì, kí a má ṣe fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Lábẹ́ bàtà gan-an, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ṣókùnkùn ju gbogbo òjìji yòókù lọ. Òun ló ń mú kí ènìyàn dúró sílẹ̀. Bí kò bá sí, ìyá yóò dà bí ẹni tó léfòó lókè ilẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yọrí, kí a sún mọ́ ọn dé ìdá 100, kí a sì wá ohun tó farahàn lẹ́ẹ̀mejì: àbààwọ́n epo kan náà lórí bíríkì méjì, tàbí koríko tóóró kan náà nínú ìlà méjì. Lẹ́yìn náà kí a fi ìpele Curves kan sórí gbogbo rẹ̀, kí a tẹ ìlà rẹ̀ gidigidi kí dúdú àti funfun lè jìnnà síra. Àwọn ibi tí a fi ègé lẹ̀ yóò yọ síta bí àmì, a ó sì pa ìpele náà rẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti rí wọn. Bí àwòrán náà bá ní hóró hóró nítorí pé a yà á níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ìpele òjìji tí a kùn yóò dán ju ibòmíràn lọ, a ó sì fi Filter > Noise > Add Noise díẹ̀ sí i.

Ọ̀nà kẹta: GIMP àti Resynthesizer

Láti ọdún 2013 ni Adobe ti sọ pé owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún ni a ó máa san fún àwọn ẹ̀dà Photoshop tuntun. GIMP kò gba kọ́bọ̀. Àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Resynthesizer ti wà ṣáájú Content-Aware Fill, ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ sì jọ tirẹ̀: ègé láti ibòmíràn nínú fọ́tò kan náà. Àfikún náà kì í bá GIMP wá fúnra rẹ̀. A ní láti gbé e wọlé, kí a sì rí i pé ó bá ẹ̀dà GIMP tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa mu, nítorí pé èyí tí a ṣe fún 2.10 kì í ṣiṣẹ́ nínú 3.0. Bí a bá ti gbé e wọlé, abẹ́ Filters > Enhance > Heal Selection ni a ó ti rí i.

Kò sí irinṣẹ́ inú GIMP tó dà bí ti ọ̀nà kìíní, tí ń gbé nǹkan tí ó sì ń dí ihò pa pọ̀. A ní láti ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀, bí a ti ṣe fún fọ́tò iwájú ilé, mi ò sì ka èyí sí àdánù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. A ó mú ohun náà, a ó dà á kọ sórí ìpele tirẹ̀, a ó fi Select > Grow fẹ àyè náà, a ó sì pe Heal Selection lórí ìpele ìsàlẹ̀.

Ohun méjì ni a ó yàn níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì. Context sampling width ń sọ bí ètò náà yóò ṣe jìnnà tó sí etí ihò láti wá ègé, 50 píksẹ́lì ni ó sì máa ń wà. Lórí fọ́tò tó fẹ̀ tó 6000, bíríkì kan lè fẹ̀ ju 50 lọ, nítorí náà ètò náà kò ní rí odindi bíríkì kan rí. Kí a gbé e sókè títí yóò fi gba bíríkì méjì tàbí mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pẹ́ kí ó tó parí. Sample from ni èkejì: All around, Sides, tàbí Above and below. Sides ni a ó yàn fún ilẹ̀ íńtálọ́ọ̀kì, fún ìdí kan náà tí mo fi sọ pé ẹ̀gbẹ́ ni a ó ti máa mú bíríkì. Ohun tí a kò ní níbí ni búrọ́ọ̀ṣì àwọ̀ ewé ti Photoshop, nítorí náà a kò lè sọ pé kí ó má mú lára bàbá. Ọgbọ́n tó wà fún un ni kí a da apá fọ́tò tí a fẹ́ nìkan kọ sórí ìpele mìíràn, kí a sì ṣe Heal Selection níbẹ̀, níbi tí bàbá kò sí. Èyí tó kù, Clone, Heal, ipò Multiply fún òjìji àti Flip fún fèrèsé, wà nínú GIMP bákan náà.

Èwo ni kí a yàn?

Bí ojú kan náà bá yí ohun náà ká, tí ẹ̀yìn ibi tí ó ń lọ sì jọ ẹ̀yìn ibi tí ó ti kúrò, kí a gbìyànjú Content-Aware Move lákọ̀ọ́kọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà, bí kò bá sì dára, a kò pàdánù nǹkan kan. Bí ìlà títọ́ kan bá kọjá lẹ́yìn ohun náà, ìbáà ṣe etí ògiri, ọ̀pá irin, fèrèsé tàbí ọ̀wọ́ bíríkì, kí a lọ tààrà sí ọ̀nà kejì láìfi àkókò ṣòfò lórí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní Photoshop yóò rí iṣẹ́ kan náà ṣe pẹ̀lú GIMP. Fún ihò kékeré lórí koríko tàbí ògiri, mi ò rí ìyàtọ̀ tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ sanwó. Ibi tí Photoshop ti borí ni ihò ńlá tí ọ̀pọ̀ nǹkan yí ká, nítorí pé níbẹ̀ a lè fi ọwọ́ wa yan ibi tí ègé yóò ti wá, a sì ń rí àbájáde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn fọ́tò kan wà tí kò yẹ kí a lo ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé lórí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1982, ìwé ìròyìn National Geographic sún àwọn píramídì Giza ti ilẹ̀ Íjíbítì mọ́ra kí wọ́n lè wọ ojú ewé àkọ́kọ́ tó dúró lóòró, awuyewuye tó tẹ̀lé e sì wà lẹ́nu àwọn oníròyìn di òní olónìí. Fọ́tò ìròyìn, fọ́tò ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, àti fọ́tò ọkọ̀ tó forí sọ tí a fẹ́ fi béèrè owó ìbánigbófò kò gbọ́dọ̀ kúrò bí kámẹ́rà ṣe rí i. Fún fọ́tò ẹbí, kí a fi ìpele gbogbo pamọ́ nínú fáìlì PSD ti Photoshop tàbí XCF ti GIMP, kí a sì tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́ láìfọwọ́kàn án, kí ó lè jẹ́ pé bí àwọn ọmọ bá béèrè lọ́jọ́ iwájú ibi tí ìyá wọn dúró sí gan-an lọ́jọ́ náà, ìdáhùn yóò wà.